Wayfarer méjìlá nínú àpò kan: kí ni lẹ́ńsì àti hínjì lè sọ fún wa?

Àṣàkẹ́ Aláwò

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ẹ̀yin ará. Awò oòrùn ni mo ń tà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lára ni mo ti ń tà bọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú kò fi bẹ́ẹ̀ kàn mí tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni ọkùnrin kan gbé àpò kan wá bá mi, ó ní Ray-Ban ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pé ṣọ́ọ̀bù kan ló kógbá wọlé tí wọ́n sì ń ta ìyókù ọjà wọn. Awò méjìlá ni mo kà, ìrísí Wayfarer ni gbogbo wọn: mẹ́sàn-án dúdú, mẹ́ta sì ní àwọ̀ ìkarahun ìjàpá. Ó gbà kí n kó wọn sọ́dọ̀ kí n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa kí n tó sanwó, èyí ló sì jẹ́ kí n rò pé bóyá òótọ́ ló ń sọ, tàbí pé òun gan-an kò mọ ohun tí wọ́n fún un tà.

Àpò aláwọ wà, aṣọ ìnuwò wà, ìwé kékeré tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú rẹ̀ náà wà. Mi ò ka gbogbo ìyẹn sí, nítorí ẹni tó bá lè tẹ orúkọ sára awò yóò lè tẹ̀ ẹ́ sára àpò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ni ohun tí ó yẹ kí n wò lára awò fúnra rẹ̀, pàápàá lára lẹ́ńsì àti hínjì, nítorí ẹnì kan tó ń tún awò ṣe sọ fún mi nígbà kan rí pé ibi méjèèjì yẹn ni ayédèrú ti máa ń jẹ́wọ́. Kò ráyè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní awò amóhun-tóbi, mo ní rúlà onímílímítà, mo sì ní súkúrúdíráfà kékeré.

Bọ̀dé Ọjà

Àǹtí mi, ẹ má dààmú ara yín, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rí mẹ́ta péré ló wà. Èkíní, ẹ fi òòfà kan hínjì: bó bá fà á, ayédèrú ni. Èkejì, ẹ gbé awò náà lọ́wọ́: ojúlówó máa ń wúwo, ayédèrú a fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ ka ohun tó wà nínú apá rẹ̀: bó bá jẹ́ pé Ṣáínà ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ dá a padà láìwẹ̀yìn.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé kí ẹ yẹ gbogbo méjìlá wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe irú òwò yìí máa ń fi ojúlówó méjì tàbí mẹ́ta sí òkè àpò, kí ọkàn ẹni lè balẹ̀ lórí àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Atúnwòṣe

Ìmọ̀ràn tí Bọ̀dé fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó dára jù nínú ohun tó kọ. Ẹ̀rí mẹ́ta tó fi ṣáájú ní òótọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dá ẹjọ́ nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ Luxottica tó ra Ray-Ban lọ́wọ́ Bausch & Lomb ní ọdún 1999 ní ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà, àwọn ojúlówó kan sì ń ti ibẹ̀ jáde. Ìwúwo ń bá lẹ́ńsì rìn ni: awò tí lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ dígí yóò wúwo ju èyí tó jẹ́ ike lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ojúlówó kan wà tí wọn kò fi dígí sí rárá. Ní ti òòfà, irin tí òòfà kì í fà ni a sábà fi ń ṣe hínjì tó dára, ṣùgbọ́n súkúrúù tó gba àárín rẹ̀ kọjá lè jẹ́ irin tí òòfà ń fà, òòfà kékeré kò sì lè sọ fún yín èwo ló fà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n mú Wayfarer àtijọ́ nìkan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ RB2140, nítorí òun ni ẹ ní ó wà lọ́wọ́ yín, bí mo bá sì da gbogbo irú awò pọ̀, n óò kàn mú kí ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ yín lójú ni.

Ẹ ṣí apá awò náà sí ìdajì, kí ẹ fi awò amóhun-tóbi wo hínjì láti inú. Ní ara RB2140, ẹ óò rí oríkèé irin méje tí wọ́n tò léra wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a kì bọnú ara wọn: mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kejì, súkúrúù kan ṣoṣo sì gba àárín gbogbo wọn kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ẹ má ṣe kàn ka méje kí ẹ dákẹ́, nítorí àwọn aláyédèrú náà mọ bí a ṣe ń ka méje. Ẹ wo àlàfo tó wà láàrin oríkèé kan sí èkejì. Bí wọ́n bá gé irin náà dáadáa, àlàfo náà á tẹ́ẹ́rẹ́, á sì rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, etí oríkèé kọ̀ọ̀kan á sì mú. Ní ara ayédèrú, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ibì kan wọlé, ibòmíràn á fún pọ̀, etí rẹ̀ á sì rí róbótó bí ohun tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù. Èyí tó burú jù nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe irin. Ike tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn ni. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ ha inú ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí: bí ọ̀dà bá ṣí tí dúdú sì hàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ibi tí hínjì gbé wọ inú férémù. Asitéètì, irú ike líle kan, ni wọ́n fi ń ṣe RB2140, wọ́n máa ń gé e láti ara pákó asitéètì ni, wọn kì í dà á sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n sì máa ń rì hínjì mọ́ inú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé irin àti asitéètì á fi ẹnu ko ẹnu. Bí ẹ bá rí kòtò kan tó tóbi ju irin lọ, tí gọ́ọ̀mù gbígbẹ sì ń dán yí i ká, ẹ mọ̀ pé wọ́n kàn lẹ hínjì náà mọ́ ọn ni. Nítorí ohun kan náà ni mo ṣe máa ń fi ìka tọ́ etí apá awò láti hínjì dé ibi tó kọ́ etí. Ayédèrú tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù sábà máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ sókè, níbi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ọ̀dù ti pàdé, ìka yóò sì mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Ẹ ṣí apá náà, kí ẹ pa á, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Agbára tó fi ń kọ̀ fún ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò yẹ kó máa fà kó tún máa yọ̀, kò sì yẹ kó máa mì lọ sókè sódò. Mo ní láti sọ pé ojúlówó tí wọ́n ti lò fún ìgbà pípẹ́ lè tú díẹ̀, súkúrúù tí a bá fún mọ́ra á sì dá a padà. Ti ayédèrú, ẹ óò fún súkúrúù títí, kò ní dì, nítorí eyín inú ihò rẹ̀ kò tilẹ̀ lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe ti hínjì tán kí ẹ padà wá, a óò wá bọ́ sórí lẹ́ńsì.

Ìyá Tósìn

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ojú ọmọ mi ń dùn ún bó bá wọ awò oòrùn tí mo rà fún un, ó sì dúdú dáadáa. Ṣé hínjì ni n óò wò kí n lè mọ̀ bóyá ó ń dáàbò bo ojú? Mo gbọ́ pé bí a bá tan iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò gba inú lẹ́ńsì, a óò mọ̀.

Atúnwòṣe

Rárá o, Ìyá Tósìn. Ìbéèrè yín yàtọ̀ sí ti Àṣàkẹ́. Hínjì kò ní nǹkan kan í sọ nípa ojú. Bí lẹ́ńsì ṣe dúdú tó kò sì fi hàn pé ó ń dí ìtànṣán burúkú, kódà èyí tó dúdú tí kò dí i léwu jù, nítorí ẹyinjú á là sí i nínú òkùnkùn náà. Iná tí ẹ sọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí mọ́ ọn, ó sì lè ṣì yín lọ́nà. Ẹ gbé awò náà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn lẹ́ńsì, kí ó sì yẹ ojú ọmọ náà wò ní ìjókòó kan náà, nítorí ìrora yẹn lè má ti ara awò wá rárá.

Àṣàkẹ́ Aláwò

Mo ti yẹ hínjì gbogbo wọn wò. Méje ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, dúdú márùn-ún àti aláwọ̀ ìjàpá méjì. Mẹ́rin nínú àwọn méje yìí ni oríkèé wọn jẹ́ ike tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Abẹ́rẹ́ kò tíì wọlé tán tí ọ̀dà fi ń ré bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ irin lóòótọ́, oríkèé mẹ́ta péré ni wọ́n ní, gọ́ọ̀mù sì yí wọn ká gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni èyí tó lẹ́wà jù nínú àpò wà. Bí mo bá fi ojú lásán wò ó lórí tábìlì, òun ni ǹ bá kọ́kọ́ mú.

Márùn-ún ló kù, dúdú mẹ́rin àti aláwọ̀ ìjàpá kan. Oríkèé irin méje wà lára gbogbo wọn, àlàfo wọn dọ́gba, mi ò sì rí ìlà mọ́ọ̀dù kankan lára apá wọn. Ọ̀kan tú díẹ̀, mo fún súkúrúù rẹ̀, ó sì dì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ka márààrún sí ojúlówó?

Bọ̀dé Ọjà

Oríkèé irin méje ti parí ẹjọ́. Ẹ sanwó márùn-ún, kí ẹ dá méje padà.

Atúnwòṣe

Kò tíì parí. Hínjì dára fún lílé ayédèrú jáde, ṣùgbọ́n kò dára tó fún gbígba ojúlówó wọlé, nítorí hínjì olóríkèé méje kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ náwó sí ayédèrú rẹ̀ lè rà á. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe sọ ọ́ di òfin fún awò mìíràn. Ẹ wo Aviator tí férémù rẹ̀ jẹ́ irin, RB3025, oríkèé mẹ́ta ni ó ní, ojúlówó sì ni. Awò kọ̀ọ̀kan ní hínjì tirẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí lẹ́ńsì. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó sún mọ́ hínjì gan-an ní etí lẹ́ńsì, lójú ìta. Lára ọ̀kan nínú lẹ́ńsì méjèèjì, ẹ óò rí létà RB tó kéré débi pé ẹni tó bá ń wò ó tààrà lè má rí i. Ẹ yí awò náà sí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, yóò sì yọ. Wọ́n fín in ni, wọn kò tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò ní àwọ̀ kankan ju pé ó dà bí ibi tí kò dán lára ohun tó ń dán. Bí ẹ bá fi èékánná gbà á kọjá, ẹ óò fura sí i díẹ̀. Létà tí wọ́n fi ọ̀dà tẹ̀ máa ń dán, ó máa ń jókòó sórí lẹ́ńsì ni, èyí tí aláyédèrú bá sì fín máa ń tóbi jù, tàbí kó jìnnà sí hínjì, tàbí kí etí létà rẹ̀ rí gbàgùdù lábẹ́ awò amóhun-tóbi. Orúkọ funfun tó wà ní igun òkè lẹ́ńsì ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀dà ni ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èékánná kò gbọdọ̀ lè ha á kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi lẹ́ńsì náà léèrè bóyá dígí ni. Lẹ́ńsì G-15 tó gbajúmọ̀ lára RB2140 dúdú, dígí ni, àwọ̀ ewé tó pò mọ́ eérú ni ó ní, nǹkan bíi ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, á tutù. Ẹ fi èékánná gbá a jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ á mú, nígbà tí ti ike á máa dún bí ìgbà tí a ń kan páálí. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ha á láti dán an wò, bí àwọn kan ṣe ń ṣe, nítorí bó bá jẹ́ ojúlówó ẹ ti bà á jẹ́, owó yín ló sì lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ, ẹ gbé awò náà síwájú, kí ẹ gba inú lẹ́ńsì kan ṣoṣo wo ohun kan tó tọ́, bí igun fèrèsé tàbí ìlà ilẹ̀ oníbíríkì dídán. Ẹ wá máa gbé awò náà lọ sọ́tùn-ún sósì, àti sókè sódò, láìyára. Lẹ́ńsì tí wọ́n lọ̀ dáadáa á jẹ́ kí ìlà náà dúró ní títọ́. Lẹ́ńsì tí wọ́n kàn tẹ̀ jáde bí ẹni tẹ ìdérí ìgò á mú kí ìlà náà máa mì bí omi, pàápàá ní ẹ̀bá etí rẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ mú ohun tó wà lára lẹ́ńsì bá ohun tó wà nínú apá mu, nítorí aláyédèrú máa ń ra férémù níbì kan, lẹ́ńsì níbòmíràn, ẹni tó ń tẹ̀wé sára apá kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ óò rí ìlà kan tó rí báyìí: RB2140 901 50□22 3N. Nọ́ńbà 901 yẹn, dúdú dídán ni ó dúró fún. Aláwọ̀ ìjàpá ń jẹ́ 902. Àádọ́ta ni fífẹ̀ lẹ́ńsì kan ní mílímítà, méjìlélógún sì ni afárá imú. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì rántí pé etí lẹ́ńsì wọ inú férémù díẹ̀, nítorí náà èyí tí ojú rí lè dín ní mílímítà kan tàbí méjì. 3N ń sọ pé lẹ́ńsì náà wà ní ìpele kẹta, èyí tó ń jẹ́ kí ìpín 8 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ kọjá, àti pé kì í ṣe pólaráìsì, ìyẹn lẹ́ńsì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara omi tàbí ohun dídán kù. Bó bá jẹ́ pólaráìsì, 3P ni ẹ óò rí, létà P kan á sì tẹ̀lé orúkọ tó wà lórí lẹ́ńsì.

Ọmọ Àjàní

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ti fẹ́ bà mí nínú jẹ́. Bàbá mi fi Ray-Ban kan sílẹ̀ fún mi, ó sì ti pẹ́ gan-an. Mo wá létà RB lórí lẹ́ńsì rẹ̀ títí, BL ni mo rí, lára lẹ́ńsì méjèèjì sì ni. Nínú apá rẹ̀, kò sí RB2140 tàbí nọ́ńbà kankan tó jọ ọ́, B&L àti USA ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé ayédèrú ni Bàbá ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí?

Atúnwòṣe

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìgbà Bausch & Lomb ni ti yín, kí wọ́n tó tà á ní 1999, Amẹ́ríkà sì ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà. BL ni wọ́n ń fín sí lẹ́ńsì, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RB kì í sì í sí lára wọn bíi ti ìsinsìnyí. Èyí tí ẹ bá rí BL lórí lẹ́ńsì rẹ̀ tí apá rẹ̀ sì ń jẹ́ RB2140 ni kó máa kọ yín lóminú, nítorí ẹnì kan ti da ìgbà méjì pọ̀. Mi ò sọ pé ti Bàbá jẹ́ ojúlówó, mi ò tíì rí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn àmì tí ẹ kà yìí bá ara wọn mu.

Àṣàkẹ́ Aláwò

Mo ti padà dé pẹ̀lú àwọn márùn-ún.

Aláwọ̀ ìjàpá ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ka inú apá rẹ̀, 901 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Mo tún un kà, mo gbé e sínú oòrùn, 901 náà ni. Hínjì rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n ó ń pe ara rẹ̀ ní dúdú. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méje àkọ́kọ́, mo wá kíyè sí i pé 901 kan náà ni wọ́n tẹ̀ sára gbogbo wọn, dúdú àti ìjàpá, bí ẹni pé òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Mo gbé e kúrò.

Ọ̀kan nínú dúdú mẹ́rin ní létà P lẹ́yìn orúkọ tó wà lórí lẹ́ńsì, ṣùgbọ́n 3N ni ó wà nínú apá. Mo gbé e síwájú ojú kọ̀ǹpútà, mo ń yí i bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Ojú kọ̀ǹpútà náà kò ṣú, kò sì yí padà rárá. Mo ti gbọ́ pé lẹ́ńsì pólaráìsì tòótọ́ á sọ ọ́ di dúdú níbì kan bí a bá ń yí i, ẹ tọ́ mi sọ́nà bí mo bá ṣì í gbọ́. Nígbà tí mo gba inú rẹ̀ wo igun fèrèsé, ìlà náà tẹ̀ ní ẹ̀bá etí. Òun náà ti lọ.

Mẹ́ta ló wá kù. Nínú méjì, mo rí RB fínfín nítòsí hínjì gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe júwe rẹ̀. Lẹ́ńsì wọn tutù, ohùn wọn mú, ìlà fèrèsé dúró ní títọ́, rúlà sì fún mi ní mílímítà mọ́kàndínláàádọ́ta fún lẹ́ńsì, tí mo gbà pé ó bá 50 mu bí a bá ro ti etí tó wọ inú férémù.

Ẹ̀kẹta ni kò jẹ́ kí n sùn. Dígí ni lẹ́ńsì rẹ̀, kò mi rárá, hínjì rẹ̀ dára, nọ́ńbà inú apá rẹ̀ bá àwọ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n kò sí RB níbì kankan lórí lẹ́ńsì, orúkọ funfun tó yẹ kó wà ní igun òkè kò sì sí pẹ̀lú. Ṣé ayédèrú ló gbàgbé ni, àbí kí la fẹ́ pè é?

Bọ̀dé Ọjà

Kò sí àmì, kò sí owó. Èmi ò lè rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Atúnwòṣe

Ohun tí ẹ gbọ́ nípa pólaráìsì àti ojú kọ̀ǹpútà tọ̀nà, àfi pé ayédèrú náà lè jẹ́ pólaráìsì tòótọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ń mú ẹni tó purọ́ pé òun ní P, kò lè sọ pé ẹni tó ní in jẹ́ ojúlówó.

Ní ti ẹ̀kẹta, Bọ̀dé, ronú sí i. Aláyédèrú tó rántí hínjì, tó rántí nọ́ńbà, tó sì lọ ra dígí gidi, ṣé orúkọ ni yóò gbàgbé? Orúkọ gan-an ni ohun tó ń tà. Èrò tèmi ni pé férémù náà jẹ́ ojúlówó, pé lẹ́ńsì rẹ̀ fọ́ tàbí ó ha nígbà kan, tí ẹnì kan sì fi lẹ́ńsì mìíràn rọ́pò. Mo ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi. A máa ń fi ooru mú asitéètì rọ̀, a ó tẹ lẹ́ńsì titun wọlé, etí férémù sì máa ń jẹ́rìí sí i bí ọwọ́ oníṣẹ́ náà kò bá mọ́ tó. Àṣàkẹ́, ẹ wo ibi tí lẹ́ńsì ti wọ inú férémù yípo. Ṣé ẹ rí ibi tó funfun díẹ̀, tàbí tó tẹ̀ síta, tàbí àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá?

Àṣàkẹ́ Aláwò

Àlàfo kan wà ní òkè lẹ́ńsì òsì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ìwé lè wọlé níbẹ̀. Mi ò rí ibi tó funfun. Orí súkúrúù hínjì òsì náà ti ha, bí ẹni pé ẹnì kan ti tú u rí.

Atúnwòṣe

Súkúrúù kò kan lẹ́ńsì lára awò asitéètì, a kì í tú apá kí a tó pààrọ̀ lẹ́ńsì. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan fún un nígbà tó tú, tàbí pé wọ́n pààrọ̀ apá náà láti ara awò mìíràn, ìyẹn á sì jẹ́ kí nọ́ńbà tí ẹ kà nínú rẹ̀ máà ní agbára mọ́. Àlàfo ni ó ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra lórí ohun tí mi ò gbé lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ èmi, n óò tú súkúrúù méjèèjì, n óò sì fi hínjì òsì wé ti ọ̀tún: bóyá gígùn súkúrúù bá ara mu, bóyá àwọ̀ irin bá ara mu, bóyá oríkèé mẹ́ta wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lápá méjèèjì.

Ọmọ Àjàní

Kódà kí férémù jẹ́ ojúlówó, ẹni tó bá rà á yóò rò pé òun ra lẹ́ńsì Ray-Ban mọ́ ọn. Báwo ni ẹ óò ṣe tà á?

Atúnwòṣe

Férémù ni kí wọ́n tà, kí wọ́n sì sọ fún oníbàárà pé lẹ́ńsì rẹ̀ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Mo ń tà á bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, àwọn tó fẹ́ fi lẹ́ńsì ìkàwé sínú rẹ̀ tilẹ̀ máa ń wá irú rẹ̀ kiri.

Bọ̀dé Ọjà

Ẹ̀yin ni oníṣẹ́, ẹ lè tà á bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ní kí òun ṣàlàyé gbogbo ìyẹn fún oníbàárà tó ń kánjú yóò gbọ́ pé ayédèrú ni ó ń tà, kódà lórí àwọn méjì tó dára. Èmi ò ní gbé e sórí tábìlì mi.

Àṣàkẹ́ Aláwò

Mo ti tú súkúrúù méjèèjì. Gígùn wọn bá ara mu, oríkèé mẹ́ta wà lára férémù níwájú lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n irin ti òsì pọ́n díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ lójú tèmi. Mo ti pe ọkùnrin náà pé kó wá kó mẹ́sàn-án rẹ̀ lọ, pé méjì ni n óò sanwó fún. Ó ní bí mi ò bá mú ẹ̀kẹta, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Mo ní kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ kí n lè gbé e dé ọ̀dọ̀ Atúnwòṣe, bí ẹ bá lè gbà mí láàárọ̀.

Atúnwòṣe

Ẹ máa bọ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dára dání pẹ̀lú, kí a lè gbé hínjì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.